Ẹ̀dọ̀ Ológbò Kì Í Ṣe Ẹ̀dọ̀ Ọmọdé: Ọ̀rọ̀ Parasitamọ́ọ̀lù àti Pẹmẹtirínì

Nínú gbogbo ẹranko tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìtọ́jú wa ní Ìbàdàn, kò sí èyí tó ń dùn mí tó ológbò tí olówó rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ní parasitamọ́ọ̀lù. Wọ́n á ní ara rẹ̀ gbóná, wọ́n á ní ó ń tiro, wọ́n á sì ní ẹni tó ń ta oògùn ní àdúgbò ló sọ pé kí wọ́n dá a sí méjì. Ohun tó mú mi kọ ti òní ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn bíi tiyín ni ẹni tó gbé irú rẹ̀ wá láìpẹ́ yìí. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà," ni ó wí, "ìlàjì péré ni mo fún un, mo ní ìwọ̀n ọmọdé kò lè pa á lára."

Ológbò náà wọn kílò 3. Ìlàjì tábúlẹ́ẹ̀tì 500 mílígíráàmù jẹ́ 250, ìyẹn sì já sí nǹkan bí mílígíráàmù 83 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n tí à ń fún ọmọdé jẹ́ 10 sí 15 fún kílò. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni pé a ti rí ológbò tí mílígíráàmù 10 fún kílò ṣe ní jàǹbá, nítorí náà bí ó tilẹ̀ ṣe ìṣirò ọmọdé náà láìṣìṣe, kò ní bọ́ nínú ewu. Ìtóbi ara kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, àwọn ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀dọ̀ ni.

Bí ènìyàn bá gbé parasitamọ́ọ̀lù mì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á so èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́ ásíìdì gulukuróníìkì, á so òmíràn mọ́ sọ́fétì, méjèèjì á sì yòrò sínú omi kí wọ́n lè bá ìtọ̀ jáde. Díẹ̀ tó kù ni àwọn ẹ́ńsáìmù P450 máa ń sọ di NAPQI, májèlé tó máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n gulutatáyónì á tètè sọ ọ́ di aláìléwu.

Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ìsopọ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ológbò kò ní. Ní ọdún 2000, Michael Court àti David Greenblatt fi hàn pé jíìnì UGT1A6 ológbò ti di òkú jíìnì: ó ṣì wà nínú ẹ̀yà ìran rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyípadà tó ti bá a kò jẹ́ kí ó lè ṣe ẹ́ńsáìmù kankan jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kìnnìún àti àwọn ẹbí ológbò yòókù, àwọn tó jẹ́ pé ẹran nìkan ni oúnjẹ wọn, tí májèlé inú ewé kò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Ẹ má sì ṣe kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè so ohunkóhun mọ́ ásíìdì gulukuróníìkì rárá. Ó ń so bilirubíìnì mọ́ ọn dáadáa, nítorí pé ẹ́ńsáìmù mìíràn nínú ìdílé kan náà ló ń ṣe ìyẹn. Àwọn èròjà bíi parasitamọ́ọ̀lù ló há sí i lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá dí afárá Mọ́kọ́lá, ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń ya wọ inú àwọn òpópónà tóóró. Bẹ́ẹ̀ ni parasitamọ́ọ̀lù ṣe ń ya sọ́dọ̀ sọ́fétì, èyí tí kì í pẹ́ kún nínú ológbò, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ P450, títí gulutatáyónì á fi tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń sáré kọjá ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Nínú ènìyàn àti ajá, ẹ̀dọ̀ ni jàǹbá náà sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, ṣùgbọ́n nínú ológbò, ẹ̀jẹ̀ ni. Apá kan oògùn náà máa ń di para-aminofẹ́nọ́ọ̀lù, èyí tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹranko tó bá ní ẹ́ńsáìmù NAT2 lè dá a padà sí parasitamọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n NAT1 nìkan ni ológbò ní, agbára ìyẹn kò sì ká iṣẹ́ náà. Èròjà yìí á wá sọ irin inú himogulobíìnì láti Fe²⁺ di Fe³⁺, himogulobíìnì náà á di mẹtihimogulobíìnì, kò sì ní lè gbé atẹ́gùn ọ́síjìn mọ́. Himogulobíìnì ológbò tún ní ojú ibi 8 tí irú májèlé báyìí ti lè kọlù ú, nígbà tí ti ajá jẹ́ 4, tí ti ènìyàn sì jẹ́ 2. Ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó tún irin náà ṣe sì tún lọ́ra nínú rẹ̀.

Nítorí náà ni èrìgì ológbò akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi omi ipata, tí ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ó sì ń mí pẹ̀lú ìnira láàárín wákàtí mélòó kan. Mo kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà funfun, mo kán ti ológbò tí ara rẹ̀ yá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí wọn, èkejì pupa yòò, ti tirẹ̀ kò yí padà. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi láti rí èyí.

Àwọn ará ilé ti da epo pupa sí i lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e dé. Inú máa ń bí mi sí àṣà yìí. Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ parasitamọ́ọ̀lù, ẹranko tí kò rí èémí mí dáadáa á sì fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, á wá ní àrùn kejì lórí èkíní. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni N-asẹtaisisitéènì, èyí tí ara fi ń pèsè gulutatáyónì tuntun: mílígíráàmù 140 fún kílò lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 70 fún kílò ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Fún ológbò yẹn, 420 ni a kọ́kọ́ fún un, 210 sì tẹ̀lé e, pẹ̀lú ọ́síjìn. Ó yè é, nítorí pé wọ́n tètè gbé e dé.

Ti pẹmẹtirínì, oògùn tó ń pa eégbọn, fẹ́ jọ èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Pẹmẹtirínì kì í jẹ́ kí ojú ọ̀nà sódíọ̀mù inú àwọn iṣan-ìmọ̀lára tètè padé lẹ́yìn tó bá ṣí, wọn á sì máa ta láìdúró. Ẹ̀dọ̀ ajá tètè máa ń gé oògùn náà sí méjì, á sọ àwọn ègé náà di ásíìdì, á sì so wọ́n mọ́ gulukuróníìkì. Ológbò lọ́ra nínú iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, ẹ má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru UGT1A6, nítorí pé pẹmẹtirínì tí a kò tíì gé ló ń pani, bí gígé náà bá sì ti falẹ̀, ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tó dé rárá.

Oògùn eégbọn ajá tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn lè ní pẹmẹtirínì tó tó 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Mílílítà 1 rẹ̀ lára ológbò kílò 4.5 jẹ́ mílígíráàmù 100 fún kílò, ìyẹn sì tó pa á. Etí á kọ́kọ́ máa ta, gbogbo ara á máa gbọ̀n, gìrì á tẹ̀lé e, ara á sì gbóná janjan. Bàbá kan ní àdúgbò Ọjà-Ọba ní kí n má fọwọ́ kan ti tòun, pé àwọn àgbà ń fi ológbò náà jíṣẹ́ lóru ni. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn eégbọn wo ni ẹ fi pa á lára?" Wọ́n fa ìgò ajá náà yọ nínú àpò. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a fi wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe omi tútù, nítorí òtútù máa ń mú kí gbígbọ̀n náà le sí i, kì í sì í ṣe omi gbígbóná, tó ń mú kí awọ fa oògùn púpọ̀ sí i. Mẹtokábamọ́ọ̀lù ni a fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti dá gbígbọ̀n náà dúró, bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 55 fún kílò, a kò sì jẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ kọjá 330 fún kílò lóòjọ́. Ó lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó lọ tán.

Bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ gún irú ológbò bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ atiropíìnì, ẹ dá a dúró. Jàǹbá oògùn apakòkòrò ọ̀gánófọ́sífétì ni atiropíìnì wà fún. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ojú ọ̀nà sódíọ̀mù.