Ìwé láti ilé-iṣẹ́ fún físà Ìlú Ọba: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo gbọ́ nínú ìròyìn pé ẹni tí ó bá kó ìwé ayédèrú lọ gba físà Ìlú Ọba kò ní lè wọ ibẹ̀ fún ọdún 10. Ṣé ìwé tí ọ̀gá mi kọ fún mi náà lè kó mi sí irú wàhálà bẹ́ẹ̀?

Bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, rárá. Ìfòfindè ọdún 10 wà fún ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ tan ìjọba wọn jẹ nígbà tí ó ń tọrọ físà. Àmọ́ ìwé tí ó jẹ́ òótọ́ náà lè mú kí wọ́n má fún ènìyàn ní físà, bí ohun tí ó sọ kò bá bá ti àwọn ìwé yòókù mu. Ibi tí òṣìṣẹ́ olóòótọ́ ti máa ń kọsẹ̀ gan-an nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé náà mọ̀?

Ohun méjì ni. Òfin tí ó de àlejò sọ pé ẹni tí yóò ṣèpinnu gbọ́dọ̀ gbà pé àlejò náà yóò kúrò ní Ìlú Ọba nígbà tí àbẹ̀wò rẹ̀ bá parí, àti pé ó ní owó tí yóò tó o ná láìṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n gbé jáde fẹ́ kí ìwé láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ wà lórí ìwé tí orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ wà lókè rẹ̀, kí ó sì sọ ipò tí òṣìṣẹ́ náà wà, owó oṣù rẹ̀ àti bí ó ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Owó oṣù ń dáhùn ọ̀rọ̀ owó. Ipò àti iye ọdún ń dáhùn ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀. Ìsinmi tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ni ó so méjèèjì mọ́ ọjọ́ ìrìn-àjò, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ó sọnù nínú ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ni ó gbà.

Ta ni kí wọ́n kọ ọ́ sí?

Òṣìṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tí ń ṣèpinnu lórí físà. Ẹ kò nílò orúkọ rẹ̀.

Owó oṣù tí ó wà nínú ìwé mi ju èyí tí ń wọ báńkì lọ. Ṣé wọn kò ní pè é ní irọ́?

Wọ́n lè pè é bẹ́ẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a mú olùṣírò owó kan ní Ìkẹjà, tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó jẹ́ 40,000. Owó orí rẹ̀ lábẹ́ òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2026, bí kò bá gba ìdẹ̀ra kankan lórí owó ilé tí ó ń san, jẹ́ 65,300. Ó ku 394,700. Ṣùgbọ́n ó tún ń dá 50,000 lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀, orí owó oṣù náà ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó. Nítorí náà, 344,700 ni ó ń wọ àkáǹtì rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀gá rẹ̀ kọ 500,000 sínú ìwé, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kọ 500,000 sínú fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù lẹ́yìn owó orí. Báńkì wá ń fi 344,700 hàn ní oṣù dé oṣù. Ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ní ilẹ̀ òkèèrè tí ó ń ka ìwé wọ̀nyí kò mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, kò sì sí níwájú yín tí yóò fi bi yín léèrè. Ohun tí ó rí ni pé 155,300 náírà kò sí níbi tí wọ́n ní ó wà, ó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó tí wọ́n sọ fún òun gbọ́. Láti ibẹ̀, kò ṣòro fún un láti sọ pé òun kò gbà pé ẹni náà yóò padà sílé.

Gbólóhùn kan nínú ìwé ilé-iṣẹ́ lè dènà gbogbo èyí: “Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà kí a tó yọ ohunkóhun, lẹ́yìn owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti ìdáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, 344,700 náírà ni a ń san sí àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì.” Kí òṣìṣẹ́ náà wá fi ìwé owó oṣù ti oṣù 6 tì í, níbi tí wọ́n ti to ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ báńkì ti oṣù 6 kan náà. Kí iye tí ó kọ sínú fọ́ọ̀mù jẹ́ èyí tí ènìyàn lè fi ìwé owó oṣù ṣírò dé. Bí owó oṣù bá lọ sókè láàárín àkókò yẹn, tàbí tí wọ́n san owó ìsinmi pọ̀ mọ́ ti oṣù kan, kí ìwé náà sọ oṣù tí ó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ń san apá kan sí báńkì, wọ́n sì ń fún mi ní ìyókù lọ́wọ́. Ńkọ́?

Kí ìwé náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, iye tí ń gba báńkì àti iye tí wọ́n ń kà lé yín lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí nígbà tí ẹ bá gba owó náà tì í. Ẹ má ṣe kó owó jọ lójijì sí àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, nítorí owó tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀ a máa bà wọ́n nínú jẹ́ ju owó kékeré lọ.

Físà náà jẹ́ ti oṣù 6. Kí ló dé tí ọ̀gá mi kò lè kọ ọ́ pé mo gba ìsinmi oṣù 6?

Oṣù 6 ni òpin tí òfin gba àlejò láyè dé, kì í ṣe iye ọjọ́ tí wọ́n retí kí òṣìṣẹ́ lò. Iṣẹ́ tí ó lè máa lọ fún ìdajì ọdún láìsí yín níbẹ̀ kò ran ọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́. Ṣe ni yóò mú kí wọ́n máa ronú pé bóyá ipò náà kò sí. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, tí ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí àti ọjọ́ ìwọṣẹ́, ni ó jọ ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń retí.

Ẹ ṣírò ọjọ́ náà dáadáa. Ká ní olùṣírò owó wa gba ọjọ́ iṣẹ́ 15, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2026. Ẹni tí ó bá kàn ka ọ̀sẹ̀ 3 yóò kọ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26, gẹ́gẹ́ bí ìparí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 oṣù kẹfà jẹ́ Àyájọ́ Ìjọba Àwaarawa, ọjọ́ Ẹtì ni ó sì bọ́ sí, nítorí náà ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 ni ìsinmi náà parí, ó sì di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 30, kí ó tó wọṣẹ́. Kò burú bí tíkẹ́ẹ̀tì bá mú un padà ní ọjọ́ 27. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù keje ni ó kọ sínú fọ́ọ̀mù pé òun yóò padà, ìwé ọ̀gá rẹ̀ gan-an ni yóò máa jẹ́rìí takò ó.

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ wa kò fẹ́ kọ ọ́. Ó ní bí mo bá sá lọ, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n máa mú.

Ìwé yìí kì í ṣe ìwé onídùúró. Ohun tí ilé-iṣẹ́ mọ̀ ni ó ń sọ: ipò, owó, ọjọ́ tí ó gbà yín síṣẹ́, ìsinmi tí ó fọwọ́ sí. Kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n ṣèlérí pé ẹ óò padà, mo sì rọ àwọn tí ń kọ ọ́ pé kí wọ́n má ṣe kọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí lọ́wọ́ wọn láti mú un ṣẹ. “A ń retí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà” ti tó. Bí ilé-iṣẹ́ kì í bá ṣe òun ni yóò san owó ìrìn-àjò, kí ó má ṣe jọ pé òun ni. Ẹ fi àlàyé yìí hàn án, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀rù ni ó ń bà á, kì í ṣe ìkà.

Ṣé wọ́n máa ń pe ilé-iṣẹ́ lóòótọ́?

Wọ́n lè pè, wọ́n sì lè fi ìméèlì ránṣẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó gbé fóònù lè jẹ́ ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ̀ yín, tí yóò sì sọ pé kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn. Kí ìwé náà ní orúkọ, ipò àti ìfọwọ́sí ẹni tí ó kọ ọ́, nọ́ńbà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ń gbé, àti ìméèlì tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ bí wọ́n bá ní in. Nọ́ńbà RC tí CAC fún ilé-iṣẹ́ yẹ kí ó wà lórí ìwé náà pẹ̀lú, nítorí ẹnikẹ́ni lè fi wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ náà wà. Ẹ sọ fún olùgba-àlejò àti ẹ̀ka ìṣírò owó pé ìpè lè wọlé, kí ìdáhùn wọn lè bára mu.

Ṣé ti Amẹ́ríkà náà rí báyìí?

Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, òṣìṣẹ́ físà sì lè má wo ìwé náà rárá.

Ejẹ́ǹtì kan ní òun lè bá mi ṣe ìwé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Bí mi ò bá mọ ohun tí ó kọ, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni?

Òfin wọn gba wọn láyè láti má fúnni ní físà nítorí ìwé èké, ìbáà jẹ́ pé ẹni tí ó tọrọ físà kò mọ̀ sí i. Bí wọ́n bá wá rí i pé ó mọ̀ ọ́n, ọdún 10 náà dé nìyẹn. Ẹ sì ti mọ̀ báyìí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún yín. Orúkọ yín àti ìka ọwọ́ yín ni yóò wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ ní orúkọ yín, kí ẹ kà á kí ó tó lọ.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti fi ìwé ránṣẹ́. Ṣé kí n dákẹ́?

Ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó ṣèpinnu, kí ẹ sì fi ìwé ibi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ bí ó bá wà.

Wọn kò fún mi ní físà, owó oṣù ni wọ́n tọ́ka sí. Ibo ni mo máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí?

Kò sí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún físà àbẹ̀wò lásán. Ohun tí ó wà ni kí ẹ tún tọrọ, kí ẹ sì tún san owó rẹ̀. Ẹ gbé ìwé tí wọ́n fi dá yín lóhùn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ilé-iṣẹ́, ìwé owó oṣù àti àkọsílẹ̀ báńkì, kí ẹ wá iye náírà tàbí ọjọ́ tí wọ́n tọ́ka sí. Kí ọ̀gá yín kọ ìwé tuntun tí ó ní ọjọ́ tuntun, tí ó ṣàlàyé ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá. Bí ẹ bá tún ń kún fọ́ọ̀mù, wọn yóò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ̀ láti fún yín ní físà rí. Ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá fi èyí pamọ́ ni wọ́n lè kà á sí ẹ̀tàn tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yín tẹ́lẹ̀.