Ẹ̀kán omi tí kò ní mólẹ́kù kan nínú

Ìbéèrè: Ẹ̀kán omi kan wọn kílógíráàmù 6 × 10⁻⁵. Mólẹ́kù omi kan wọn nǹkan bíi 3 × 10⁻²⁶. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò pín in kí n lè mọ iye mólẹ́kù tó wà níbẹ̀, ó fún mi ní 2 × 10⁻³¹. Ẹ̀yìn ìwé ní 2 × 10²¹. Ta ló ṣì í nínú wa?

Ìdáhùn: Ìwé ló gbà á. 2 × 10⁻³¹ kéré sí 1 jìnnà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀kán omi tí mólẹ́kù inú rẹ̀ kò ní tó ẹyọ kan.

Ó dà bíi pé báyìí lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́:

```
6 × 10^-5 ÷ 3 × 10^-26
```

Láti òsì sí ọ̀tún ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ó fi 3 pín ohun tó wà níwájú, lẹ́yìn náà ló wá fi 10⁻²⁶ sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, nígbà tó yẹ kó fi òun náà pín in. Ẹ fi àkámọ́ sí i:

```
(6 × 10^-5) ÷ (3 × 10^-26)
```

Tàbí kí ẹ lo bọ́tìnì EXP (EE ni wọ́n kọ sí òmíràn), tó máa ń mú 3 àti agbára rẹ̀ bíi nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Lórí ìwé, ẹ ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀. 6 ÷ 3 jẹ́ 2. Ní ti agbára, ẹ yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè: −5 − (−26). Òdì méjì tó pàdé yẹn di àròpọ̀, −5 + 26, ìyẹn 21. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbé òdì kan jù sílẹ̀. Ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: bí ohun tí a fi ń pín bá ṣe kéré tó ni èsì ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ máa bá pàdé láìpẹ́. Oòrùn jìnnà sí wa ní mítà 1.5 × 10¹¹, ìmọ́lẹ̀ sì ń rin mítà 3 × 10⁸ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in: 1.5 ÷ 3 jẹ́ 0.5, 11 − 8 jẹ́ 3, ó di 0.5 × 10³. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà iwájú kò gbọ́dọ̀ kéré sí 1, kò sì gbọ́dọ̀ tó 10. Tí a bá sọ 0.5 di 5, a ti fi kún un ní ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà agbára gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan sílẹ̀: 5 × 10², ìṣẹ́jú àáyá 500, tàbí ìṣẹ́jú 8 àti àáyá 20.

Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ padà láti yẹ̀ ẹ́ wò: 3 × 5 jẹ́ 15, 8 + 2 jẹ́ 10, ó di 15 × 10¹⁰. Lọ́tẹ̀ yìí iwájú ló pọ̀ jù. Bó ṣe ń dín kù sí 1.5 ni agbára ń gòkè sí 11. Èmi kì í há “sún àmì sí òsì, sún un sí ọ̀tún” sórí, torí ó máa ń dà rú mọ́ni lọ́wọ́; bí iwájú bá dàgbà, agbára á dín kù, bí iwájú bá dín kù, agbára á gòkè.