Orí òwìwí kì í yí po, ìyẹ́ rẹ̀ kò sì yadi

Ó ti sú mi. Bí ọ̀rọ̀ òwìwí bá ti délẹ̀ báyìí, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé orí rẹ̀ máa ń yí po bíi táyà, láti iwájú padà sí iwájú. Bí ìyẹn bá sọ tirẹ̀ tán, ẹlòmíì á gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé tó bá ń fò, kò sí ìró kankan rárá. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátápátá nínú méjèèjì, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Òótọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àsọdùn ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orí. Òwìwí lè yí orí dé nǹkan bíi 270 dígírì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òbìrí. Mo máa ń sọ èyí, wọ́n á sì ní, "Ṣùgbọ́n mo fojú ara mi rí i!" Mi ò lè pe ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí nǹkan ní òpùrọ́. Ohun tó rí ni ká yẹ̀ wò.

Ẹ fi ọkàn yàwòrán òwìwí tó bà sórí òpó, kí ẹ máa wò ó láti òkè bí ẹni ń wo aago. Àyà rẹ̀ kọjú sí 12. Ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí òpó náà ká bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Òwìwí kò gbé ẹsẹ̀, orí nìkan ló fi ń tẹ̀ lé e. Ó kọjá 3, ó kọjá 6 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó dé 9. Ibẹ̀ ni ọrùn parí sí. Ẹni tó ń rìn kò dúró ní tirẹ̀, ó ti ń lọ sí 10. Òwìwí á bá tú ọrùn náà padà wéré: á gba 6, á gba 3, á gba iwájú kọjá, á sì lọ bá onítọ̀hún ní 10 láti ẹ̀gbẹ́ òsì.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti 9 tó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dé, títí dé 10 tó fi ẹ̀gbẹ́ òsì mú, 330 dígírì ni orí yẹn rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku díẹ̀ kó pé òbìrí. Ẹni tó ń wò ó kò parọ́ nígbà náà, ó rí orí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọrùn tó ti lọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń tú. Ìyẹ́ tún bo ọrùn náà mọ́lẹ̀, ó wá dà bíi pé ṣe ni wọ́n kàn gbé orí lé èjìká. Ọrùn ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ o, ó gùn, egungun mẹ́rìnlá ló sì wà nínú rẹ̀. Méje ni tiwa. Ojú òwìwí kò lè yí nínú ihò rẹ̀ bí tiwa, torí ó gùn bí ọ̀pá, egungun sì há a mọ́, nítorí náà orí ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ojú.

Egungun yìí ni gbogbo ayé máa ń kà, bíi pé òun ló yanjú ọ̀rọ̀. Kò yanjú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ míì ló ní egungun ọrùn tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Bí èèyàn bá lọ́ okùn tí omi ń gbà kọjá, omi á dá. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ kì í dá nínú ọrùn òwìwí, tí kì í dákú ṣubú lórí igi?

Nínú ọrùn tiwa, òpó ẹ̀jẹ̀ méjì ń gba inú ihò egungun ọrùn gòkè lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ, ihò náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ jù wọ́n lọ. Ní 2013, Fabian de Kok-Mercado àti Philippe Gailloud ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán inú ọrùn òwìwí jáde. Ihò tí òpó ẹ̀jẹ̀ ń gbà níbẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá òpó náà, àlàfo tó kù sì ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, tí òpó náà fi ń rí àyè yẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ta aró sínú òpó ẹ̀jẹ̀. Nínú ara tiwa, bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń lọ jìnnà ló ń tín-ín-rín sí i. Ti òwìwí ń fẹ̀ ni nítòsí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, aró sì ń kó jọ síbẹ̀ bí omi inú àmù. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ tó wà nípamọ́ níbẹ̀ ló ń bọ́ ọpọlọ àti ojú títí ọrùn á fi tú.

Mo ní "ó jọ pé". Òkú òwìwí ni wọ́n lò. Òpó tó fẹ̀ ni wọ́n fojú rí, iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tí ẹyẹ wà láàyè jẹ́ ohun tí wọ́n fòye gbé. Mo gbà á, ṣùgbọ́n mi ò ní fi búra.

Ẹ má ro pé mo yà kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ọrùn la ṣì ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí wọ́n máa fọ́ ọrùn fún òun kó lè ró "kẹ̀kẹ̀" gbọ́dọ̀ rántí pé òun kò ní àlàfo yẹn. Lílọ́ òjijì lè ya inú òpó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dì níbẹ̀, á sì lọ dí ọ̀nà nínú ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọrùn bá ń ro yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu yín, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà.

Ti ìró kò gba àlàyé tó bẹ́ẹ̀. Apá òwìwí tóbi, ara rẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà ó lè fò jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ tí ẹyẹ bá sì là jẹ́jẹ́ kì í pariwo. Ìyẹ́ tó wà níwájú apá ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti òòyà, etí ẹ̀yìn rẹ̀ rí wajawaja, òkè rẹ̀ sì rọ̀ bí àrán. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iṣẹ́ àrán yẹn: àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ló ń tù lójú, àwọn míì ní kí ìyẹ́ má bàa máa ha ara wọn ni. Ṣùgbọ́n ìró wà. Ìró tó ń han, tó ju ìgbì 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń lọ sílẹ̀ jù. Ìró tó wúwo ṣì ń jáde. Eku kì í gbọ́ ìyẹn dáadáa, ìyẹn ló ṣe dà bíi pé kò sí.

Àwọn tó ní gbogbo òwìwí ló ń fò láìdún kò tíì gbọ́ ti òwìwí apẹja. Kò ní wajawaja yẹn, bó bá sì ń fò, èèyàn ń gbọ́ apá rẹ̀. Ẹja inú omi kò ṣáà ní gbọ́ ọ. Mo ti fìgbà kan rò pé èyí fi hàn pé torí etí ẹran tí wọ́n ń dọdẹ ni àwọn yòókù ṣe ń fò jẹ́jẹ́. Kò fi hàn tó bẹ́ẹ̀. Òwìwí tó ń pa eku máa ń fi etí wá a nínú òkùnkùn, ariwo apá tirẹ̀ sì lè dí i létí. Òwìwí apẹja kì í fi etí dọdẹ ní tirẹ̀. Kò nílò ìdákẹ́jẹ́ lọ́nà méjèèjì, nítorí náà kò lè sọ fún wa èwo nínú méjèèjì ló fà á.