Dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì nínú ìwé ìṣirò owó àti nínú ìwé báńkì

Dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì ni orúkọ ẹ̀gbẹ́ méjì tí akáǹtì kọ̀ọ̀kan ní nínú ìṣirò owó tí a ń kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni dẹ́bíìtì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kírẹ́díìtì. Èyíkéyìí nínú méjèèjì lè mú kí akáǹtì lé sí i tàbí kó dín kù. Irú akáǹtì tí a ń kọ ọ́ sí ló ń pinnu. Nínú ìwé tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, ó máa ń dà bí ẹni pé ìtumọ̀ wọn ti dojú dé: owó tó wọlé ni báńkì ń pè ní kírẹ́díìtì, èyí tó jáde ló ń pè ní dẹ́bíìtì. Ìtumọ̀ wọn ò yí padà rárá. Ìwé ẹlòmíràn ni oníbàárà ń kà.

Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. «Debere» ni kí ènìyàn jẹ gbèsè, «credere» sì ni kí ènìyàn gba ẹlòmíràn gbọ́ tàbí kó fọkàn tán an. Ní ọdún 1494, Luca Pacioli, tó jẹ́ àlùfáà àti onímọ̀ ìṣirò, tẹ ìwé kan jáde ní Fẹ́nísì ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tó ti ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ìlú náà ṣe ń kọ owó wọn sílẹ̀. Òun kọ́ ló dá ọ̀nà náà sílẹ̀ o. Àwọn oníṣòwò ti ń lò ó kó tó kọ ọ́. Ohun tó rọrùn jù láti fi yé ọ̀rọ̀ náà ni akáǹtì tí oníṣòwò ṣí ní orúkọ ẹnì kan: bí ẹni náà bá jẹ ẹ́ lówó, apá òsì ló máa kọ ọ́ sí, bí òun ló bá jẹ ẹni náà, apá ọ̀tún ni. Ẹni tó bá di èyí mú dáadáa ti ní kọ́kọ́rọ́ ìwé báńkì lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ọ̀nà yìí kúrò lórí akáǹtì ènìyàn nìkan, ó kan gbogbo nǹkan òwò. Dẹ́bíìtì ló ń mú kí dúkìá àti ìnáwó lé sí i. Kírẹ́díìtì ló ń mú kí gbèsè tí a jẹ, owó tí olówò fi dá òwò sílẹ̀, àti owó tí òwò pa lé sí i. Iye kan náà ni a gbọ́dọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ohun kọ̀ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà dẹ́bíìtì kì í ju kírẹ́díìtì lọ nínú àròpọ̀. Kò sí «dáadáa» tàbí «burúkú» nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí fóònù rẹ̀ ti fi dẹ́bíìtì bà nínú jẹ́ rí lè má fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan tó ṣí akáǹtì báńkì fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi 200,000 nínú owó ara rẹ̀ sí i. Ó yọ 80,000 nínú rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Oníbàárà kan san 15,000 owó iṣẹ́ sínú akáǹtì náà. Nígbà tí oṣù parí, báńkì yọ 500 fún iṣẹ́ tó ṣe. Nínú ìwé aránṣọ, owó tó wà ní báńkì jẹ́ dúkìá rẹ̀. Ó fi 200,000 ṣe dẹ́bíìtì fún akáǹtì báńkì, ó sì fi ṣe kírẹ́díìtì fún owó ìdásílẹ̀ òwò. Nígbà tó ra ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ló gba dẹ́bíìtì 80,000, báńkì ló gba kírẹ́díìtì. Owó iṣẹ́ 15,000 jẹ́ dẹ́bíìtì fún báńkì àti kírẹ́díìtì fún owó tó wọlé. Èyí tí báńkì yọ, 500, jẹ́ dẹ́bíìtì fún ìnáwó àti kírẹ́díìtì fún báńkì. Akáǹtì báńkì ti wá ní 215,000 lápá òsì àti 80,500 lápá ọ̀tún; ó ku 134,500 lápá dẹ́bíìtì.

Báńkì náà ń kọ ìwé tirẹ̀, òfin kan náà ló sì ń tẹ̀ lé. Nígbà tí 200,000 wọlé, owó inú àpótí báńkì lé sí i, ìyẹn ni dẹ́bíìtì. Ṣùgbọ́n owó náà kì í ṣe ti báńkì. Ọjọ́ tí aránṣọ bá béèrè ni wọ́n máa dá a padà. Gbèsè ni, nítorí náà akáǹtì tí báńkì ṣí ní orúkọ aránṣọ gba kírẹ́díìtì 200,000. Nígbà tí báńkì yọ 500, gbèsè tó jẹ aránṣọ dín kù pẹ̀lú dẹ́bíìtì 500, owó tí báńkì pa sì lé pẹ̀lú kírẹ́díìtì 500. Akáǹtì orúkọ aránṣọ yìí nìkan ni báńkì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Aránṣọ kò rí apá kejì, ìyẹn àpótí owó àti owó tí báńkì pa. Ohun tó rí lójú ìwé ni kírẹ́díìtì 215,000, dẹ́bíìtì 80,500, àti 134,500 CR, ìyẹn kírẹ́díìtì, nísàlẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni kí ènìyàn da ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé báńkì kọ bó ṣe rí. Ká ní aránṣọ rí «DEBIT 500», tó sì fi 500 ṣe dẹ́bíìtì fún akáǹtì báńkì, tó wá fi ṣe kírẹ́díìtì fún ìnáwó. Bó bá ro gbogbo ìwé rẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ṣì dọ́gba, torí pé iye kan náà ló kọ sí ọ̀tún àti òsì. Ìdọ́gba yẹn kò ní tú àṣírí kankan. Ìgbà tó bá gbé ìwé rẹ̀ síbi ìwé báńkì ló tó máa rí i: tirẹ̀ ń sọ 135,500, ti báńkì ń sọ 134,500. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1,000, ìlọ́po méjì iye tó kọ sódì. Ìdí nìyí tí àwọn akáǹtáǹtì fi máa ń pín ìyàtọ̀ sí méjì, tí wọ́n á sì wá ìdajì yẹn kiri nínú ìwé. Àmì mìíràn ni kí akáǹtì ìnáwó ní àṣẹ́kù lápá kírẹ́díìtì, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìyàtọ̀ kọ́ ni àṣìṣe: sọ̀wédowó tí a ti kọ fún ẹnì kan tí kò tíì gbé lọ sí báńkì á ti kúrò nínú ìwé wa, kò sì ní tíì kúrò nínú tiwọn.

Bí oníbàárà bá ná kọjá ohun tó wà nínú akáǹtì rẹ̀, ipò àwọn méjèèjì á yí padà. Òun ló wá jẹ báńkì báyìí. Àṣẹ́kù ìwé báńkì á di DR, ìyẹn dẹ́bíìtì, ti inú ìwé oníbàárà á di kírẹ́díìtì, gẹ́gẹ́ bí gbèsè yòókù.

Káàdì ìyáwó tún yàtọ̀ díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni akáǹtì rẹ̀ ti jẹ́ ti ẹni tó ń jẹ báńkì, nítorí náà ohun tí a bá fi káàdì rà jẹ́ dẹ́bíìtì, owó tí a bá san padà jẹ́ kírẹ́díìtì. Bí àmì CR bá wá hàn níwájú àṣẹ́kù káàdì bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ènìyàn san ju gbèsè rẹ̀ lọ, tàbí pé olùtajà dá owó ọjà padà lẹ́yìn tí a ti san gbèsè náà tán. Báńkì ló wá jẹ ẹni tó ni káàdì.