Èlé Ìtúlẹ̀: Iye Típà Tí Yóò Kó Erùpẹ̀ Kòtò Kan

Erùpẹ̀ tí a bá wà jáde nínú kòtò a máa gba àyè ju kòtò tó ti jáde lọ. Ní àwọn ibi tí a ti ń kọ́lé ní Àbújá, "súwẹ́lì" ni a máa ń pe àfikún yìí, àwọn akẹ́gbẹ́ mi kan tó fẹ́ràn èdè wa sì ti sọ ọ́ di "wíwú ilẹ̀". Èkíní kò bí mi nínú, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a. Èkejì ni mo ń bá jà, torí pé ó jọ Yorùbá, ó sì ń ṣini lọ́nà. Ohun tó wú, ara rẹ̀ gan-an ló tóbi sí i: gàrí mu omi, ó wú, ẹsẹ̀ rọ́, ó wú. Ilẹ̀ pàápàá a máa wú lóòótọ́. Ilẹ̀ dúdú alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní fìrìkí ní apá Bọ̀rnó a máa wú bí òjò bá rọ̀, a sì máa sán bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, títí ògiri tí a kọ́ lé e lórí yóò fi là. Orúkọ yẹn ti ní olówó rẹ̀.

Èlé ìtúlẹ̀ ni èmi ń pè é. Àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ fi ọkọ́ bẹ́ ilẹ̀ tó ti dì ni à ń sọ pé ó túlẹ̀, èlé sì ni ohun tó gorí iye tí a kọ́kọ́ ní lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní orúkọ náà ń rùn fún owó jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ, nítorí owó ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá kà á mọ́ ìṣirò rẹ̀.

Ẹ wo obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun tó ti dì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹyọ irun kan kò kún un, kò sì sí èyí tó nípọn ju ti àná lọ, síbẹ̀ fìlà tó ń bò ó lánàá kò bò ó mọ́, torí pé àlàfo ti wọ àárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ tí a wà jáde rí. Àwọn kan a máa ya èlé fúnra rẹ̀, bíi 25 nínú ọgọ́rùn-ún, sọ́tọ̀ kúrò lára iye tí a fi ń sọ ìwọ̀n kòtò di púpọ̀, bíi 1.25. N kò rí èrè rẹ̀ níbi tí típà ti ń dúró dè wá.

Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí ní Kúbwà. Kòtò ìpìlẹ̀ kan ni, mítà 12 ní gígùn, mítà 10 ní fífẹ̀, mítà kan àbọ̀ ní jíjìn: mítà kúbíìkì 180. Ẹ̀yìn típà náà gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 2.3, ó ga ní mítà 1.2, tí ó fi lè gba nǹkan bíi 11 bí a bá fá orí rẹ̀ dọ́gba. Mo fi 11 pín 180, mo sì bá onílé ṣàdéhùn ìrìn 17. Nígbà tí ìrìn kẹtàdínlógún jáde, òkìtì pupa ṣì wà lẹ́nu géètì, awakọ̀ wò mí, ó ní, "Alhaji, èyí ńkọ́?" Ilẹ̀ pupa lásán bíi tibẹ̀ a máa gba èlé tó tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. 180 di 225, ìrìn sì di 21. Àpò ara mi ni owó ìrìn mẹ́rin tó kù ti jáde.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ní èlé kan náà. Ti yanrìn kéré, nǹkan bí 10 sí 15. Ti amọ̀ líle lè tó 40. Àpáta tí a fọ́ lè kọjá 50, Àbújá kò sì ṣàìní àpáta lábẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, kí katapílà tó dé, mo máa ń gbẹ́ ihò kékeré kan, àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní jíjìn, èyí tó jẹ́ lítà 125. Èmi yóò fi ṣọ́bìrì bu erùpẹ̀ rẹ̀ sínú rọ́bà ọ̀dà oní-lítà 20 láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá kún rọ́bà mẹ́jọ, lítà 160 nìyẹn, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 28. Ihò náà kò lè sọ nípa àpáta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí katapílà bá bá a pàdé, ẹ tún ìṣirò ṣe fún apá ibẹ̀.

Èlé yìí kò kan ìwúwo. Mítà kúbíìkì 11 erùpẹ̀ títú lè tó tọ́ọ̀nù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá sì tutù, táyà lè máa sọkún kí ẹ̀yìn típà tó kún. Nígbà náà, ìwúwo ni kí ẹ fi ka ìrìn. Ẹni tó bá sì wọn òkìtì tó ti wà nílẹ̀ dípò kòtò, kó má tún fi èlé lé e, nítorí erùpẹ̀ yẹn ti tú tán.