Tí ìtọ̀ bá ń ta obìnrin: oògùn tó yẹ kó kọ́kọ́ lò, àti ìgbà tó yẹ kí láàbù gbin ìtọ̀ náà

Tí obìnrin kan bá wọ kẹ́míìsì ní Tanke tàbí lágbègbè Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, tó ní tóun bá ń tọ̀ ó ń ta òun, gbogbo ìgbà ni ìtọ̀ sì ń gbọ̀n òun ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jáde, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ka Sípírò sínú ọ̀rá fún un kíá, àbí kí wọ́n ní kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́tùn-ún lósì kó tó gbé nǹkankan mì. Méjèèjì ò tọ̀nà tó bá jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ le, tí kò lóyún, tí wàhálà yìí ò sì kì í yọ ọ́ lẹ́nu lemọ́lemọ́. Fún irú ẹ̀, ohun tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni àyẹ̀wò tó lágbára jù.

Ká mú obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan tó ń ta aṣọ òfì. Ìtọ̀ ti ń ta á látàná, ó dìde tọ̀ lóru léraléra, abẹ́ ìdodo ń dùn ún díẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á bi í léèrè pé, "Àǹtí, ṣé ara yín gbóná àbí òtútù ń mú yín? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ń dùn yín lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà? Ṣé ẹ ń bì? Ṣé nǹkan ń dà lójú ara àbí ó ń yún yín? Nǹkan oṣù ńkọ́, ṣé ó ti dé?" Tó bá jẹ́ pé ó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ìyókù sì jẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ ti parí lápá ibẹ̀ yẹn. Obìnrin tí ìtọ̀ ń ta, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí nǹkankan ò dà lójú ara rẹ̀ tí kò sì yún un, nínú irú wọn 100, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé kòkòrò ló wà nínú àpò ìtọ̀ wọn lóòótọ́. Tó bá jẹ́ pé nǹkan ń dà tàbí ó ń yún un, ojú ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ìyẹn náà lè jẹ́ kí ìtọ̀ ta èèyàn.

Gbígbin ìtọ̀ ni pé kí láàbù jẹ́ kí kòkòrò inú ìtọ̀ hù, kí wọ́n lè mọ irú èyí tó jẹ́ àti oògùn tó ń pa á. Ìdí tí wọn ò fi ní kó lọ ṣe é ni pé èsì rẹ̀ máa ń gba ọjọ́ 2 tàbí 3, ìgbà yẹn ni oògùn tó dáa ti ń mú ara tù ú. Yàtọ̀ síyẹn, kòkòrò tó máa yọ kì í sábà ṣe tuntun: Í kólì ni, tó ń gbé inú ìfun èèyàn, tó gba ẹ̀yìn wá síwájú, ó ju méje lọ nínú mẹ́wàá. Inú ara ẹni ló ti wá o, kì í ṣe orí ìjókòó ṣáláńgá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ń pè é ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́ṣọ̀n.

Oògùn tó kọ́kọ́ yẹ fún un ni naitirofúrántóìnì. Ohun tó jẹ́ kó dáa ni pé tí wọ́n bá gbé e mì, inú ìtọ̀ ló máa lọ kóra jọ sí, díẹ̀ ló ń kù nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, torí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ da àwọn kòkòrò inú ìfun láàmú, Í kólì náà ò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe máa borí ẹ̀. Ohun kan náà yìí ni ààlà rẹ̀: tí kòkòrò bá ti gòkè dé kíndìnrín, oògùn yẹn ò lè bá a débẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ibà àti ẹ̀gbẹ́ dídùn kí wọ́n tó fún èèyàn. Oríṣi méjì ló wà, ẹ yẹ páálí ẹ̀ wò: èyí tó ń tú díẹ̀díẹ̀ jẹ́ miligíráàmù 100 láàárọ̀ àti lálẹ́, èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ miligíráàmù 50 lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 5 ni méjèèjì. Kó jẹun kó tó lò ó, torí èébì máa ń gbé èèyàn tí inú bá ṣófo. Ìtọ̀ lè pọ́n bíi tíì, ìyẹn ò ṣe nǹkankan. Àwọn tí kò yẹ kí wọ́n lò ó ni àwọn tí kíndìnrín wọn ti bà jẹ́, àti àwọn tí G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, torí oògùn náà lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ irú wọn pọ̀ nílẹ̀ wa.

Sẹ́pítírìn náà wà lára oògùn àkọ́kọ́ nínú ìwé, miligíráàmù 960 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3, ṣùgbọ́n àfi níbi tí Í kólì tó ń borí ẹ̀ kò bá tó 20 nínú 100. Wọ́n ti lò ó nílòkulò nílẹ̀ wa débi pé èèyàn ò lè fọkàn tán an láì rí èsì láàbù. Fọsifomáísìn, ìyẹ̀fun gíráàmù 3 tí wọ́n ń pò mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dáa gan-an tí èèyàn bá rí i rà. Sípírò ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn tó le, bíi ti kíndìnrín, ló yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ dè. Ó tún lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, débi pé ní 2016 àwọn tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fi wo irú èyí mọ́ tí òmíràn bá wà. Àńpíkílọ́s ni ká fi sílẹ̀ pátápátá: oògùn méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan kò ran Í kólì rárá, ìkejì ni ọ̀pọ̀ Í kólì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ.

Láàárín ọjọ́ méjì ó yẹ kí ara tù ú, ṣùgbọ́n kó lo ọjọ́ márààrún pé. Ká wá sọ pé ó lò ó tán, ara dá, ọjọ́ kẹwàá ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Níbí gan-an ni gbígbin ìtọ̀ ti wá pọn dandan. Bákan náà ni tí ara kò bá tù ú rárá, tó bá lóyún, tí ara rẹ̀ gbóná tí ẹ̀gbẹ́ sì ń dùn ún (èyí ò tún gba kẹ́míìsì mọ́, ọsibítù ni tààrà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn láì dúró de èsì), tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, àbí tí ohun tó ń ṣàlàyé ò bá jọ ti àpò ìtọ̀ dáadáa.

Kó tó gbé oògùn mìíràn mì ni kó tọ̀ sínú ìgò. Kó fọwọ́ ya ètè ojú ara, kó jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ ṣàn dànù, kó wá gba ti àárín sínú ìgò láàbù tí ọwọ́ kankan ò kan inú ẹ̀, kó dé láàbù láàárín wákàtí 2, àbí kí wọ́n gbé e sí fíríìjì. Ìtọ̀ tó bá jókòó sínú ooru Ìlọrin látàárọ̀ dọ̀sán, kòkòrò á ti bí síi nínú ẹ̀, èsì ẹ̀ ò wúlò mọ́.

Tí èsì bá dé tó kọ Í kólì, tí iye rẹ̀ nínú mililítà ìtọ̀ kan lé ní 100,000, tí Sípírò àti Sẹ́pítírìn jẹ́ R, tí naitirofúrántóìnì àti Ọ̀gùmẹ́ńtìn jẹ́ S, R túmọ̀ sí pé oògùn yẹn ò ràn án, S ni pé ó ń pa á. Torí pé ó padà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, oògùn mìíràn ni dókítà máa ń yàn, níbí Ọ̀gùmẹ́ńtìn fún ọjọ́ 7. Tí iye náà ò tiẹ̀ tó 100,000, bíi 1,000, tí ìtọ̀ sì ń ta á, kòkòrò náà ni o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oríṣi kòkòrò mẹ́ta ló yọ papọ̀, ìgò tàbí ara ló dọ̀tí, kí wọ́n tún un gbà ni, kì í ṣe kí wọ́n ka oògùn fún un.

Tí ara bá ti dá, kò nílò kó padà lọ gbin ìtọ̀ láti wò ó bóyá ó ti lọ. Kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ láì ṣe èèyàn ní nǹkankan, aláboyún àti ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú ìtọ̀ fún ló yẹ kí wọ́n fún ní oògùn sí irú ẹ̀.