Kẹ̀kẹ́ tó ń gbọ̀n: ẹ ṣírò ipá kí ẹ tó dín T kù

Ẹ tún ti gbé e dé. Ẹ gbọ́ pé ìdarí dẹ́dìbíìtì máa ń mú nǹkan dé ibi tí a fẹ́ láàárín ìgbésẹ̀ tó kéré jù lọ, tí kò sì ní kọjá ibẹ̀. Ẹ wá ní kí kọ̀ńpútà máa wò ó lemọ́lemọ́ kó lè tètè dé. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mọ́tò iná gbóná, ẹ ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Sẹ́ńsọ̀ kọ́ o. Ìṣirò ni ẹ kò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú kẹ̀kẹ́ kan tó wúwo tó kìlógíráàmù 2, lórí ojú irin tó ń yọ̀ dáadáa. Ààbọ̀ mítà la fẹ́ kó sún, kó sì dúró síbẹ̀. Bí kọ̀ńpútà bá ti wò ó, á yan ipá kan, ipá yẹn ò sì ní yí padà títí tí yóò fi tún wò ó. Àkókò tó wà láàárín ìwò kan sí èkejì ni T. Nǹkan méjì la ní láti sọ di òdo: ìyàtọ̀ tó kù kó dé ibi tí a fẹ́, àti eré tó ń sá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbésẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́ á tì í síwájú, èkejì á fi ipá kan náà dá a dúró. Òfin rẹ̀ rèé. `u` ni ipá tí kọ̀ńpútà yan, `e` ni ibi tó wà yọ ibi tí a fẹ́, `v` ni eré, `m` ni ìwọ̀n kẹ̀kẹ́:

```
u = -(m/T^2)*e - (3*m/(2*T))*v
```

T^2 tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí T bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1, ipá níútìn 1 péré ló máa gbà. Bó bá di 0.1, ó di níútìn 100. Bó bá di 0.01, níútìn 10,000 ni, fún kẹ̀kẹ́ tí ọmọdé lè gbé! Kò sí idán níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rin ọ̀nà kan náà láàárín ìlàjì àkókò gbọ́dọ̀ sá eré ìlọ́po méjì, ó sì gbọ́dọ̀ kó eré yẹn jọ láàárín ìlàjì àkókò. Ìlọ́po méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin nìyẹn.

Ká ní níútìn 20 ni mọ́tò yín lè fún un, tí ẹ sì fi T sí 0.1. Òfin á béèrè 100, mọ́tò á fún un ní 20, òfin ò sì mọ̀ pé wọn ò fún òun ní gbogbo ohun tí òun béèrè. Títí di 0.3, kẹ̀kẹ́ ti ń sá mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 0.3 yẹn, ó ku sẹ̀ǹtímítà 10 kó dé, ìgbà náà ni bíréèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Ó kọjá ibi tí a fẹ́, ó fi sẹ̀ǹtímítà 10 ṣíwájú rẹ̀ kó tó dúró ní 0.5, ó wá padà sẹ́yìn, 0.7 ló tó simi. Ìgbésẹ̀ méje dípò méjì.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́: ẹ jẹ́ kí T gùn sí i. Ẹ fi ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ lọ́po ọ̀nà tó fẹ́ rìn, ẹ fi ipá mọ́tò pín in, ẹ wá gbòǹgbò onílọ́po méjì rẹ̀. Tiwa jẹ́ 0.224. Ẹ fi T sí 0.23: níútìn 19 ló máa béèrè, kẹ̀kẹ́ á sì dúró ṣánṣán ní 0.46. Ẹni tó rọra ń wò ló kọ́kọ́ dé. Mọ́tò yìí ò sì lè ṣe é kíákíá ju nǹkan bíi 0.45 lọ, ẹni yòówù kó máa darí rẹ̀. Bí ọ̀nà bá gùn ju ààbọ̀ mítà lọ, ẹ tún un ṣírò, torí ọ̀nà tó jìnnà jù tí ẹ máa rán an ni T gbọ́dọ̀ bá mu.

Bí ẹ bá ní dandan T ní láti jẹ́ 0.1, ẹ fi ìgbésẹ̀ méjì sílẹ̀. Ẹ ṣètò mẹ́fà ṣáájú: mẹ́ta fún títì, mẹ́ta fún dídádúró. Níútìn 11 ó lé díẹ̀ ti tó, á sì parí ní 0.6.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún yín pé kí ẹ sáà ra mọ́tò ńlá. Àwọn yẹn ló ń bí mi nínú jù. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, bí sẹ́ńsọ̀ bá fi mìlímítà 1 péré ṣìnà, kí ni òfin yìí máa ṣe? Bí T bá jẹ́ 0.01, mìlímítà kan yẹn nìkan á béèrè níútìn 20, gbogbo agbára mọ́tò yín, lórí kẹ̀kẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́. Bó bá jẹ́ pé inú ìyàtọ̀ ìwò méjì lẹ ti ń rí eré, àṣìṣe kan náà á tún fi 30 kún un. Mọ́tò ńlá á kàn gbọ̀n pẹ̀lú agbára tó pọ̀ sí i ni, títí tí nǹkan á fi já. Bí T bá jẹ́ 0.23, mìlímítà kan náà ò béèrè ju níútìn 0.04 lọ látọ̀dọ̀ apá àkọ́kọ́ òfin náà, ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ ohùn mọ́tò.